Pátì ẹ̀yà: ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà ni, àbí ìdí ìkòkò?

Ọmọ Ọláìyá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa lánàá. Ọ̀gá wa ní ìlú tí ẹ̀yà bá ti pọ̀ nínú ẹ̀, pátì ibẹ̀ ò lè má jẹ́ ti ẹ̀yà, pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Èmi ò gbà. Kí ló ń fà á gan-an, kí ló sì lè dín in kù? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú ara yín.

* * *

Mẹkáníìkì Ìgbóná:
Ọ̀gá ẹ ò parọ́. Ẹni tó bá ń sọ èdè mi ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀, òun ni màá dìbò fún. Tí wọ́n bá fẹ́ kó dópin, kí wọ́n fi òfin de pátì ẹ̀yà, kó tán síbẹ̀. Gánà ti ṣe é, wọ́n sì ń gbé ní àlàáfíà.

* * *

Ọmọ Ẹdẹ tòótọ́:
Ẹ dákun, pátì wo lẹ wá ní ká dìbò fún báyìí? Ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀, mi ò rí orúkọ kankan.

* * *

Tíṣà Òkè-Baálẹ̀:
Ọmọ Ẹdẹ, kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n béèrè o, ẹ fara balẹ̀ ká jọ sọ ọ́.

Mẹkáníìkì, òfin tẹ́ ẹ ń wá yẹn, a ti ní i látọdún 1979. Pátì ò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹ̀yà tàbí ti ẹ̀sìn pe ara ẹ̀, àmì ẹ̀ ò gbọdọ̀ jọ bẹ́ẹ̀, olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní olú ìlú Nàìjíríà, àwọn ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wá láti ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ ó kéré tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí pátì tó ń jẹ́ Pátì Ọmọ Oòduà nínú ìwé ìdìbò. Gánà náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn ló mọ̀ pé Àṣáńtì ni ilé pátì NPP, ẹkùn Fólítà sì ni ilé pátì NDC. Òfin lè fọ orúkọ mọ́, kò lè fọ ìdí tí èèyàn fi wọ pátì. Ẹni tó bá ní owó á háyà yàrá kan ní Àbújá, á kan síńbọ́ọ̀dù mọ́ ọn, á kó orúkọ èèyàn láti ìpínlẹ̀ tó tó, ó ti parí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá orí ìwé nìkan ni pátì kan wà, ẹ má wo síńbọ́ọ̀dù. Ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù níbi tó jìnnà sí ìlú àwọn tó dá a sílẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpàdé kẹ́yìn.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, mi ò gbà. Mo kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìjọba fún ọdún tó lé ní ogún, ohun tí mo rí nínú ìtàn ni pé ẹ̀yà ti wà tipẹ́ kí pátì ẹ̀yà tó dé, nítorí náà ẹ̀yà nìkan ò lè jẹ́ ohun tó bí i. Ọdún 1944 ni wọ́n dá pátì NCNC sílẹ̀ ní Èkó, Herbert Macaulay ni olórí, Azikiwe ni akọ̀wé. Yorùbá wà nínú ẹ̀, Ìgbò wà nínú ẹ̀. Ìgbà tó di 1951 ni òfin tuntun àwọn òyìnbó fún ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Àríwá, Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn, ní ilé ìgbìmọ̀ tó lágbára. Ọdún yẹn náà ni AG, pátì Awólọ́wọ̀, jáde ní gbangba ní Ọ̀wọ̀, láti ara Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà tí wọ́n ti ṣí ní Ifẹ̀ ní 1948. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ àṣà àwọn ará Àríwá di pátì NPC. Ẹ rí i bí ọdún ṣe ṣe déédéé? Azikiwe fúnra ẹ̀ wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn láti Èkó, kò rí ọ̀nà débi tó ń lọ, ó sì padà sí Ìlà Oòrùn.

Kí ló yí padà? Ìkòkò ọbẹ̀, ìyẹn owó àti ipò ìjọba, ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní ẹkùn. Nígbà tó máa fi di 1954, owó bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹkùn, sìkọ́láṣíìpù wà níbẹ̀, ọ̀nà wà níbẹ̀. Yorùbá ló pọ̀ jù ní Ìwọ̀ Oòrùn, Ìgbò ló pọ̀ jù ní Ìlà Oòrùn, Hausa-Fúlàní ló pọ̀ jù ní Àríwá. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìkòkò ẹkùn ò nílò ju àwọn èèyàn ẹ̀ lọ, kí ló máa wá lọ ṣe ní ilé ẹlòmíì?

* * *

Bàbá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Tíṣà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ fo nǹkan kan. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi, NCNC ló sì ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nílé wa, tẹ́ ẹ bá dárúkọ AG, oúnjẹ á korò lẹ́nu wọn. Ìbàdàn náà ńkọ́, níbi tí Adélabú wà? Kọ́lá Balógun tó jẹ́ akọ̀wé àgbà NCNC, ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú ni, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Tó bá jẹ́ pé Yorùbá pọ̀ tó láti gba ẹkùn, tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ parapọ̀, kí ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ń wá nínú NCNC?

* * *

Tíṣà Òkè-Baálẹ̀:
Bàbá, ẹ káre, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù, ẹ̀yin lẹ gbé e wá kí n tó dé ibẹ̀.

Ní 1954, nígbà ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, NCNC gba ìjókòó 23 ní Ìwọ̀ Oòrùn, AG gba 18. Ní ẹkùn tí Yorùbá ti pọ̀ jù o! Owó orí tí ìjọba AG gbé lé àwọn èèyàn lórí nítorí ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera wà lára ohun tó bí wọn nínú. Ìdí kejì ló kan ìbéèrè yìí: nínú Ìwọ̀ Oòrùn, kò sí Hausa tí Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú máa jọ bá jà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n jọ ń du ìkòkò kan ṣoṣo. Nítorí náà ìlà ò gba àárín Yorùbá àti Ìgbò, àárín ìlú sí ìlú ló gbà. Ìbàdàn ò fẹ́ kí Ìjẹ̀bú máa bójú tó ilẹ̀ àwọn, Iléṣà ò fẹ́ kí Ifẹ̀ gborí.

Ẹ ò rí i nílé wa lónìí? Tó bá di ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun, ta ló ń pariwo Yorùbá? Yorùbá kúkú ni gbogbo wa. Ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ní Àyégbajú àti ní Ọjà Ọba ni Ẹdẹ, Ìjẹ̀ṣà, Ifẹ̀, Ìkirè, Ìwó, "ó ti kan Ìwọ̀ Oòrùn Ọ̀ṣun," "àwọn Àárín Gbùngbùn ti ṣe é tó." Ọjọ́ tó bá sì di ti ààrẹ, àwọn kan náà tó ń bára wọn jà á tún di Yorùbá kan. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò yí padà láàárín oṣù díẹ̀, ibi tí wọ́n gbé ìkòkò kà ló yí padà.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Fìà:
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì, ó sì yà mí lẹ́nu gan-an. Ẹ̀yà méjì ni, Ṣéwà àti Túmbúkà, ìlà tí àwọn òyìnbó fà gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá, apá kan bọ́ sí Màláwì, apá kan bọ́ sí Sáńbíà. Olùwádìí kan wá lọ sí abúlé mẹ́rin létí ìlà yẹn, abúlé Ṣéwà kan àti ti Túmbúkà kan ní apá kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n máa fẹ́ ara wọn, bóyá wọ́n máa dìbò fún ara wọn. Àwọn ti Màláwì fọwọ́ rọ́ ara wọn sẹ́yìn, wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹnìkejì. Àwọn ti Sáńbíà, tí abúlé wọn ò jìnnà síbẹ̀ rárá, ń pe ara wọn ní ará kan náà. Èdè kan náà, àṣà kan náà, ìtàn kan náà.

Ìdí tí wọ́n fún wa ni pé ní Màláwì, ẹ̀yà méjèèjì tóbi tó láti dá pátì dúró lé lórí, ìyẹn ni pé ní 1994, pátì MCP gba àárín gbùngbùn tí Ṣéwà wà, pátì AFORD gba àríwá tí Túmbúkà wà. Ní Sáńbíà, àwọn méjèèjì kéré ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi gba ìjọba lọ, nítorí náà wọ́n jọ di "ará Ìlà Oòrùn" láti fi bá àwọn tó kù du ipò. Mo rò pé èyí ló dá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yẹn lóhùn.

* * *

Mẹkáníìkì Ìgbóná:
Ó dá a lóhùn lápá kan. Mo ti gbọ́ ti ìkòkò. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ ṣe sí i? Ẹ ò lè sọ pé kí Yorùbá má pọ̀.

* * *

Tíṣà Òkè-Baálẹ̀:
A ò lè dín èèyàn kù, òótọ́ ni. Àmọ́ iye tí èèyàn nílò kó tó wọlé, ìwé òfin ló ń sọ ọ́, ohun tí àwọn tó kọ òfin 1979 sì fọwọ́ kàn nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó máa di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì tún ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 la jẹ́ nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ṣiṣẹ́. Nínú ìdìbò ààrẹ 1979, Awólọ́wọ̀ gbà ju 90 nínú 100 ní Oǹdó àti Ògùn, ó gbà ju 80 lọ ní Ọ̀yọ́ tí àwa ará Òṣogbo wà nínú ẹ̀ nígbà náà. Ìbò yẹn kà nínú àpapọ̀, ṣùgbọ́n lójú òfin ìdá mẹ́rin yìí, ẹni tó ní 94 ní ìpínlẹ̀ kan àti ẹni tó ní 25 níbẹ̀, bákan náà ni wọ́n rí. Ìpínlẹ̀ 6 péré ni Awólọ́wọ̀ ti dé ojú ìlà. Igbákejì tó mú, Umeadi, ọmọ Ìgbò ni, wọn ò mú ẹnikẹ́ni láti òkè ọya. Shagari tí wọ́n jọ du ipò náà ò rí irú 90 yẹn níbì kankan, ṣùgbọ́n ó dé ojú ìlà ní ìpínlẹ̀ 12, torí pé NPN, pátì ẹ̀, ti jókòó pín ipò kó tó di ọjọ́ ìdìbò: ààrẹ láti Àríwá, igbákejì láti Ìlà Oòrùn, ìyẹn Ekwueme, alága pátì láti Ìwọ̀ Oòrùn, Akinlóyè ará Ìbàdàn.

Nítorí náà òfin náà ò pa ẹ̀yà. Ohun tó pa ni èrè tó wà nínú kéèyàn máa ta ẹ̀yà nìkan. Àwọn olórí ló kọ́kọ́ yí padà, àwọn olùdìbò ò tíì yí padà ní 1979, ẹ wo 90 Oǹdó yẹn náà. Èyí ni mo fẹ́ kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù yìí mú lọ bá ọ̀gá ẹ̀.

* * *

Mẹkáníìkì Ìgbóná:
Tíṣà, ẹ fi ibi kan pamọ́ o. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 kì í ṣe 12. Wọ́n fi 12⅔ rẹ́ wa jẹ ni. Òfin tẹ́ ẹ ń yìn, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ó ni wọ́n ti yí i.

* * *

Tíṣà Òkè-Baálẹ̀:
Mi ò fi í pamọ́ rárá, ó sì ń dun èmi náà títí dòní. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12⅔. Àwọn ti Awólọ́wọ̀ ní èèyàn ò lè gé ìpínlẹ̀ sí wẹ́wẹ́, pé 13 ni. Kánò ni Shagari máa fi ṣe ìkẹtàlá, kò sì tó 25 níbẹ̀, bíi 20 ló ní. Akínjídé tó jẹ́ agbẹjọ́rò NPN wá ní ìdá méjì nínú mẹ́ta Kánò nìkan ni ká wò, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn já sí bíi 17 nínú gbogbo ìbò Kánò, Shagari sì ti kọjá ẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù dá Shagari láre ní 26 Oṣù Kẹsàn-án 1979. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀sọ́, ọmọ Iléṣà, yàtọ̀ sí wọn.

Àbùkù kan rèé tó jẹ́ ti òfin fúnra ẹ̀: tí ìlà ò bá mọ́ kedere kí ìdìbò tó dé, ẹ̀yà tó pàdánù á máa rí i bíi pé àwọn la dìídì gé e fún. Lónìí 36 ni ìpínlẹ̀, 24 ni ìdá méjì nínú mẹ́ta, kò sí ìdá kankan láti jà sí níbẹ̀, àfi ti Àbújá tí wọ́n tún gbé lọ sí kóòtù lẹ́yìn 2023. Ó sì tún wà fún gómìnà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ọ̀ṣun ní ìjọba ìbílẹ̀ 30, ẹni tó bá fẹ́ di gómìnà gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní 20 nínú wọn. Ará Ẹdẹ tó bá fi Ẹdẹ nìkan ṣe é ò lè dé ibẹ̀, ará Iléṣà náà ò lè dé ibẹ̀.

Ibi tí òfin yìí ò dé ni ti sẹ́nétọ̀ àti àwọn aṣòfin. Ẹni tó bá fẹ́ ìjókòó kan ò nílò ju ìlú ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀yà ṣì ń tà níbẹ̀.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Fìà:
Ẹ ò mẹ́nu ba 1993 o, sà. Ológun ní pátì méjì péré, SDP àti NRC. Abíọ́lá ti SDP, ọmọ Ẹ̀gbá, na Tofa ti NRC ní Kánò, Kánò sì ni Tofa ti wá. Ṣebí ìyẹn ni òògùn ẹ̀? Pátì méjì!

* * *

Tíṣà Òkè-Baálẹ̀:
Mo fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré la rí i, wọ́n sì fagi lé e, nítorí náà a ò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ìjọba ló tún kọ́ ilé pátì, òun ló fún wọn lówó. Mi ò lè sọ pé pátì méjì tí àwọn èèyàn dá fúnra wọn á rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí 1993 fi hàn mí ni pé ará Kánò lè dìbò fún ẹni tí kì í ṣe ará Kánò tí pátì bá ní ẹsẹ̀ gidi ní wọ́ọ̀dù wọn.

Àwa náà ṣe irú ẹ̀ níbí ní 2023, ẹ má gbàgbé. Yorùbá ni Tinúbú, ó wọlé ààrẹ, ṣùgbọ́n Atiku ló borí ní Ọ̀ṣun, 354,366 sí 343,945. Kò túmọ̀ sí pé a ti kúrò nínú ẹ̀yà. Ìdìbò gómìnà ti 2022 ṣì gbóná, pátì tó gbà á ni wọ́n ń bá lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, iye yẹn ò ní rí bẹ́ẹ̀.

* * *

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù Àyégbajú:
Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Anambra ni bàbá mi ti wá, Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, ilé ìwé tí mo lọ wà níbí, oko mi àti ilé mi wà níbí. Ìgbà tí ọmọ mi wọlé Yunifásítì, a lọ sí ọ́fíìsì kan torí owó ìrànwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wo orúkọ, ó ní ká mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá. Ibo ni mo fẹ́ mú un? Wọ́n ní ká lọ gbà á ní Anambra. Ọmọ mi ò tíì gbé ní Anambra ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láyé ẹ̀, ó sì ń sọ Yorùbá ju Ìgbò lọ.

Tíṣà, òfin ìdá mẹ́rin yín dára, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbàgbé ẹ̀yà mi, fọ́ọ̀mù á rán mi létí. Ẹ wá ń béèrè ìdí tí àwọn ará wa fi ń wá pátì ọmọ wọn.

* * *

Tíṣà Òkè-Baálẹ̀:
Mọ̀ọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ibi tó le jù lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Ìwé òfin kan náà tó ní kí olùdíje kó ẹ̀yà jọ, òun ló ní kí ààrẹ mú mínísítà kan ó kéré tán láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ìkòkò kárí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín in ló ń kọ ẹ̀yà sí ara èèyàn. Tèmi ni pé kí ibi téèyàn ń gbé, tó sì ń san owó orí sí, jẹ́ ohun tí fọ́ọ̀mù máa béèrè.

* * *

Mẹkáníìkì Ìgbóná:
Mo káàánú màmá, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Tí ẹ bá ní ibi téèyàn ń gbé nìkan ló kà, ìlú tó lówó tí gbogbo ayé ń wọ̀ á kún, àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ tí ò pọ̀ á wá di ẹni tí wọ́n ń dìbò lé lórí ní ilé bàbá wọn. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké ló máa kọ́kọ́ sunkún. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ yẹn làwọn míì fi ń mí.

* * *

Bàbá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Òótọ́ wà nínú ti Mẹkáníìkì, òótọ́ wà nínú ti ìyá. Bóyá kó jẹ́ ọdún mélòó kan téèyàn ti gbé ibẹ̀. Mi ò mọ iye tó yẹ.

* * *

Tíṣà Òkè-Baálẹ̀:
Mẹkáníìkì, mi ò ní èsì tó kún fún ẹ níbẹ̀, mo sì fẹ́ sùn lé e. Ọmọ Ọláìyá, tí ọ̀gá ẹ bá ṣì ní ẹ̀jẹ̀ ni, bi í léèrè ẹni tó dìbò fún ní 2022 àti ní 2023, kó sì sọ ìdí tó fi ṣe é. Kó sọ méjèèjì o.

* * *

Ọmọ Ọláìyá:
Mo bi í ní àárọ̀ yìí. Ní 2022 ó ní ọmọ ìlú òun lòun tẹ̀lé. Ní 2023 ó ní ẹni tó tún ọ̀nà àdúgbò wọn ṣe ló sọ ibi tí àwọn máa tẹ̀ sí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, ó ní kí n gbé sípánà fún òun.